Mo Ní Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Wọ́n Gbọ́ Àádọ́ta

Nígbà tí mo kúrò l'Ókè-Ìlá lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ n'Íbàdàn, àwọn ọmọ kíláàsì mi kì í jẹ́ kí n pe "ilé" lẹ́ẹ̀kan kó tán. "Ulé" ni mo ń wí, bí gbogbo wa ṣe ń wí i l'Ádó, "ugbá" sì ni mo ń pe igbá. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí n tún un pè. Láàárín oṣù mẹ́ta, mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń wí i, ẹ̀rín náà sì tán. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò, nígbà tí mo dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, pé oṣù mélòó kan ni ọ̀rọ̀ ohùn yóò gbà, tí yóò sì rọlẹ̀. Àṣìṣe ni. Ohun méjì ló wà níbẹ̀ tí mo kà sí ẹyọ kan, ó sì gbà mí ní ọdún mẹ́rin kí n tó yà wọ́n sọ́tọ̀.

Àkọ́kọ́ ni àìgbọ́ tòótọ́. Ní òru ọjọ́ kan, mo ń tọ́jú ìyá àgbàlagbà kan tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún lọ́sàn-án. Wọ́n ti ki rọ́bà ìtọ̀ bọ̀ ọ́, a sì ń wọn ohun tó bá kán sínú àpò rẹ̀ ní wákàtí wákàtí. Ẹni tó bá wọn kílò 70, bíi ti ìyá náà, ó kéré tán ó yẹ kó tọ̀ tó mílílítà 35 ní wákàtí kan. Mílílítà 15 ni mo bá ní wákàtí àkọ́kọ́, 15 náà ni mo tún bá ní ìkejì. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé omi ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, tàbí pé ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú rẹ̀ níbi tí ojú ò tó. Mo pe dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lórí fóònù. Ó ní kò séwu, kí n máa wọ̀n ọ́n lọ. Mo tún un sọ. Ó ní àádọ́ta dára, kí ló dé tí mo ń dààmú? Ìgbà yẹn ló yé mi: "fífítíìn" ni mo ń wí, "fífítì" ló ń gbọ́.

Mo jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn náà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kì í fi ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ bíi tiwa. Títẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Nínú "fífítì", ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀, wọ́n á sì fi ìparí rẹ̀ gbẹ̀rẹ́fẹ́. Nínú "fífítíìn", ìparí ni wọ́n ń tẹ̀, tí wọ́n sì ń fà. Ọmọ Yorùbá kì í tẹ sílébù kan ju èkejì lọ, gbogbo wọn ló ń gba ìwọ̀n kan náà lẹ́nu wa. Lẹ́tà "n" tó kẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà kì í sì í kan òkè ẹnu wa. Imú la ń gbé e gbà, bí a ti ń ṣe nínú "ìyẹn". Ohun tó gba imú kì í fi bẹ́ẹ̀ dé òdì kejì fóònù. Ohun tó dé ọ̀dọ̀ dókítà náà jọ àádọ́ta lóòótọ́.

Mo bá pe nọ́ńbà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan, lẹ́yìn náà márùn-ún, mo sì ní kó wí i padà fún mi. Kò tíì wí i padà tán tó fi ní òun ń bọ̀. Wọ́n fa omi sí ìyá náà lára, kí ilẹ̀ tó mọ́ ìtọ̀ rẹ̀ ti ń pọ̀ sí i. Láti òru ọjọ́ náà, n kò pe 15 tàbí 50 lódidi mọ́, ì báà jẹ́ oògùn, ì báà jẹ́ ìtọ̀. Irú àìgbọ́ báyìí, mo gbà á. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹnì kan, ó sì ní àtúnṣe.

Ìkejì kò rí bẹ́ẹ̀. Ará Glasgow kan wà ní wọ́ọ̀dù wa tí àwọn dókítà pàápàá kì í tètè gbọ́ ohun tó ń wí. Wọ́n á bi í lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á bi í lẹ́ẹ̀kẹta, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń bi. Bó bá ṣe èmi, ẹni tó dúró tì mí ni wọ́n máa ń yíjú sí pé kí ni mo wí. Ẹni tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ á béèrè lọ́wọ́ ẹni tó sọ ọ́. Ẹni tó yíjú kúrò ti ṣe ìpinnu kan kí n tó lanu.

Olùkọ́ yunifásítì kan ní Jọ́jíà, l'Ámẹ́ríkà, Donald Rubin, ti fi èyí hàn ní 1992. Ohùn obìnrin Amẹ́ríkà kan ṣoṣo ló gbà sílẹ̀, tó fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó fi àwòrán òyìnbó han àwọn kan nígbà tí wọ́n ń gbọ́ ọ, ó fi àwòrán obìnrin tó jọ ará Ṣáínà han àwọn yòókù. Àwọn tó rí àwòrán kejì ní ohùn náà dún bíi ti àjèjì, ohun tó kọ́ wọn kò sì yé wọn tó. Ohùn kan náà ni o! Ojú wọn ló kó bá etí wọn.

Nígbà tí àyè bándì 6 ṣí ní wọ́ọ̀dù wa, mo dù ú. Bándì 5 ni nọ́ọ̀sì ti ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó wà ní bándì 6 ló máa ń darí wọ́ọ̀dù bí ọ̀gá ò bá sí. Ọmọbìnrin tí èmi fúnra mi kọ́ níṣẹ́ ni wọ́n fún. Wọ́n ní mo ṣe dáadáa, ẹlòmíì ló kàn ṣe jù mí lọ. Mo kọ̀wé pé kí wọ́n fún mi ní máàkì mi lórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ìwé náà dé, èmi ni mo gba jù nínú ìbéèrè ìtọ́jú aláìsàn. Ibi ìbánisọ̀rọ̀ ni wọ́n ti fún mi ní méjì nínú márùn-ún, ẹnì kan sì fi bírò kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé ohùn mi le. Fún ọdún mẹ́rin, aláìsàn kankan kò kọ̀wé pé òun ò gbọ́ mi.

Màámi pè mí láti Òkè-Ìlá, wọ́n ní, "Ṣé wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ ni?" Mo ní, "Wọ́n gbọ́ ọ, Màámi. Wọn ò kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gá ni."

Ọ̀nà yìí ni Manuel Fragante, ará Filipíìnì, ti gbà kọjá ní Honolúlù. Ní 1981, ó ṣe ìdánwò fún iṣẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀, òun ló sì ṣe ipò kìíní nínú ènìyàn 721. Wọ́n bá a sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n ní ohùn rẹ̀ kò ní jẹ́ kó lè dá oníbàárà lóhùn, wọ́n sì fi ẹlòmíì síbẹ̀. Ó pẹjọ́. Kóòtù kòtẹ́milọ́rùn dá a lẹ́bi ní 1989, wọ́n ní ọ̀rọ̀ sísọ wà lára iṣẹ́ náà. N kò bá wọn jà lórí pé ọ̀rọ̀ sísọ wà lára rẹ̀. Ohun tí mo kọ̀ ni pé kò sẹ́ni tó dán an wò lẹ́nu iṣẹ́ náà, kò sẹ́ni tó ní kó gbé fóònù kó dá oníbàárà kan lóhùn.

Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 2010 tó lòdì sí ojúṣàájú kò dárúkọ ohùn, ṣùgbọ́n ó dárúkọ orísun ènìyàn. Ní oṣù kìíní 2024, kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lórí iṣẹ́ sọ ọ́ kedere, nínú ẹjọ́ obìnrin ará Bùràsíìlì kan, pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ nípa ohùn ènìyàn lè kan ẹ̀yà rẹ̀, bí ẹni tó sọ ọ́ kò tilẹ̀ ní ìkà lọ́kàn. Wọ́n ní kí wọ́n lọ tún ẹjọ́ náà gbọ́.

Èmi kò dé kóòtù. Mo mú ìwé máàkì náà lọ bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa, wọ́n sì bá mi kọ̀wé. Àwọn ọ̀gá tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n wọn ò gba ipò náà padà. Ilé ìwòsàn mìíràn ni mo ti gba bándì 6 ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ohùn kan náà ni mo sì gbé lọ síbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìrìn àjò l'Ádó báyìí, bí wọ́n bá ní ẹlòmíì ló ṣe jù yín lọ, ẹ má dúró títí inú yín yóò fi rọ̀. Ẹ kọ̀wé béèrè máàkì yín lọ́sẹ̀ náà gan-an, kí ẹ sì béèrè ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.