Ríìmù Tó Tẹ̀, Ríìmù Tó Sán
Òjò ti bo kòtò ojú ọ̀nà ní Ṣómólú; mo wọ̀ ọ́ gbì! Kí n tó dé Bàrígà, sítíárì ti ń gbọ̀n, táyà sì ń jò. Fọganáísà fún un ní afẹ́fẹ́, ó da omi ọṣẹ sí i; ìfóófòó yọ ní etí inú tó tẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, bó bá jẹ́ etí nìkan, a ó fi jáàkì tì í padà díẹ̀díẹ̀.”

Ó yọ táyà, ó nu ríìmù álọ́ì náà. Ìlà tín-ín-rín kan ti sán láti etí dé apá ríìmù.

“Ẹ má jẹ́ kí wọ́n jó èyí pọ̀. Ooru á dín agbára rẹ̀ kù. Ó lè fọ́ lórí eré.”

Mo ra òmíràn.