Ìwé Wákàtí Àbúrò Mi

Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó wù mí, iṣẹ́ awakọ̀ òfurufú. Àbúrò mi ọkùnrin náà ní iṣẹ́ tí òun yóò ṣe nìyẹn, nítorí ohun tí mo bá ti sọ ni òun náà máa ń sọ. Bàbá wa ní òun yóò ta oko kòkó òun láti san owó ẹ̀kọ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n Bàbá, tí a ń pè ní Bàbá Ìkẹjà nítorí pé ibẹ̀ ni ó ti ń tún ọkọ̀ òfurufú ṣe, ni kò gbà. Ó ní, "Má tíì ta oko o. Kọ́kọ́ kó àwọn ọmọ yìí wá kí dókítà yẹ̀ wọ́n wò. Ẹni tí kò bá ní ìwé dókítà kò lè gba ìwé àṣẹ láti wa ọkọ̀ òfurufú, bí ó tilẹ̀ san owó jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Kì í ṣe gbogbo dókítà ni ó lè ṣe àyẹ̀wò yìí, àfi àwọn tí àjọ tí ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà bá yàn. Ìwé onípò kejì tó fún ẹni tí ń wa ọkọ̀ ṣe fàájì. Ẹni tí yóò fi í jẹun ní láti gba onípò kìn-ín-ní, òun sì ni Bàbá Ìkẹjà ní kí wọ́n ṣe fún wa.

Dókítà yẹ ọkàn wa, ẹ̀jẹ̀ wa àti etí wa wò. Àbúrò mi kò ríran jìnnà, ẹ̀rù sì bà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó lo awò ojú, ó ka lẹ́tà kékeré gbogbo. Dókítà ní kò séwu, a gba awakọ̀ láàyè láti lo awò.

Lẹ́yìn náà ni ó ṣí ìwé kan tí àmì róbótó róbótó aláwọ̀ oríṣiríṣi kún inú rẹ̀. Àbúrò mi ń ka nọ́ńbà tí ó fara pamọ́ sí àárín wọn. Èmi kò rí nọ́ńbà kankan. Wọ́n mú mi wọ yàrá tí ó ṣókùnkùn, wọ́n ń tan iná kékeré, mo sì ń pe iná pupa ní aláwọ̀ ewé. Dókítà wá sọ fún mi pé bí rédíò ọkọ̀ bá bàjẹ́ lójú ọ̀run, iná ni àwọn tí ó wà ní ilé gogoro pápákọ̀ yóò tàn sí awakọ̀. Bí iná aláwọ̀ ewé bá dúró láìṣẹ́jú, kí ó máa bọ̀ wálẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pupa, kí ó yàgò fún ọkọ̀ mìíràn, kí ó sì máa yí po lókè. "Ọmọ mi, bí o bá ṣi èyí mú ńkọ́?" N kò rí èsì fún un. Bí wọ́n ṣe bí mi ni, kò sì ní oògùn.

Báyìí ni ó jẹ́ pé àbúrò mi ni Bàbá ta oko fún. Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ọkọ̀ òfurufú tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Sáríà ní 1964. Ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó kọ́kọ́ gbà. Ẹni tí ó ní in kò gbọdọ̀ gbé èrò. Olùkọ́ rẹ̀ a máa jókòó tì í, títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí olùkọ́ náà tú bẹ́líìtì rẹ̀, tí ó bọ́ sílẹ̀, tí ó ní kí ó máa lọ. Àbúrò mi fò yí pápá ká lẹ́ẹ̀kan, ó balẹ̀, ó sì kọ ìṣẹ́jú 12 sínú ìwé wákàtí rẹ̀. Gbogbo ìṣẹ́jú tí awakọ̀ bá lò lókè ni ó ń wọ inú ìwé yìí.

Nígbà tí ó pé wákàtí 40, ó gba ìwé àṣẹ aládàáni. Ó kéré tán, 10 nínú rẹ̀ ni ó dá fò, ó sì dá rin ìrìnàjò kan tí ó lé ní kìlómítà 270, tí ó balẹ̀ ní pápákọ̀ méjì mìíràn. Ó lè gbé ọ̀rẹ́ báyìí, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ìwé àṣẹ oníṣòwò ni ó ń jẹ́ kí a gba owó. Wákàtí 200 ni wọ́n ń béèrè fún un, tàbí 150 fún ẹni tí ó kọ́ ọ ní àkọ́pọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ tí a fọwọ́ sí. Àbúrò mi ní 170 nígbà tí ó gbà á. Lẹ́yìn tí ó tún kọ́ bí a ṣe ń fò nínú ìkùukùu láìrí ilẹ̀, àti bí a ṣe ń wa ọkọ̀ ńlá tí wọ́n fẹ́ gbé fún un, ó di igbákejì awakọ̀.

Ìwé àṣẹ àgbà, tí ọ̀gá awakọ̀ ọkọ̀ ńlá gbọ́dọ̀ ní, ń béèrè wákàtí 1,500. Ó kéré tán, 100 nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti òru. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí a bá yọ 170 kúrò, ó ku 1,330. Bí ó bá ń fo wákàtí 60 lóṣù, yóò lò ju oṣù 22 lọ díẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣù mìíràn wà tí ọkọ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn tí ń tún un ṣe, tí 20 péré wọ inú ìwé. Ọdọọdún ni ó sì ń padà sọ́dọ̀ dókítà. Ní ọdún kan, dókítà rí i pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru, oṣù mẹ́ta ni ó fi jókòó sílé. Kò sí wákàtí kan ní ojú ìwé oṣù wọ̀nyẹn.

Ọdún mẹ́rin ni ó lò kí ó tó pé 1,500. Ó mú ìwé náà wálé. Bàbá kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n ó ń ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì béèrè pé, "Èwo ni ti oko kòkó níbí?" Àbúrò mi ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́, ó fi ìka sí ìṣẹ́jú 12.