Ọmọ Tuntun Yẹn Kì í Ṣe Odi

Ẹ̀yin ojúgbà mi, gbogbo wa la mọ ọmọ tuntun tó ti Òkè Ọya wọ kíláàsì kìn-ín-ní ní sáà yìí. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó ti dé, kò sì tíì bá ẹnikẹ́ni sọ ju "bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá" lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbọ́ tí àwọn kan ń pè é ní odi nídìí ẹ̀rọ omi. Inú bí mi, ṣùgbọ́n ojú tún tì mí, torí pé èmi náà ti ṣi àbúrò mi lóye bẹ́ẹ̀ rí.

Ọmọ ọdún 11 ni mí, àbúrò mi jẹ́ ọmọ ọdún 7, nígbà tí bàbá wa kó wa láti Ìbàdàn lọ sí Kọ̀tọ̀nù. Ẹ̀yà ara ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ni ní ilé ìwé, Fọ̀n sì ni àwọn ọmọ ń sọ tí wọ́n bá ti jáde síta. Ẹ ò rí i pé èdè méjì ló dúró de àbúrò mi, kì í ṣe ẹyọ kan. Yorùbá wà ní Kọ̀tọ̀nù o, pàápàá ní ọjà Dàǹtọ́kpá, àmọ́ kò sí nínú kíláàsì rẹ̀.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni kò fi la ẹnu nílé ìwé. Olùkọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ pe ìyá mi, ó ní bóyá etí ọmọ náà ni kò gbọ́ràn dáadáa. Ìyá kan tó ń ta ìrẹsì lẹ́nu géètì, tó gbọ́ Yorùbá, ló bá wa ṣe ògbufọ̀. Nígbà tí olùkọ́ lọ tán, ìyá náà bi ìyá mi ní ìbéèrè mẹ́ta: "Ṣé ó ń sọ̀rọ̀ nílé bó ṣe ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀? Ṣé ó ń jẹun, ó sì ń sùn? Tí olùkọ́ bá ní kí wọ́n ṣí ìwé, ṣé ó máa ń ṣí i?" Ìyá mi ní bẹ́ẹ̀ ni sí gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, ó ń gbọ́ ni. Ọmọ tó ń kó ọ̀rọ̀ jọ kì í tètè ná an. Tó bá dákẹ́ nílé pẹ̀lú, tí inú bá ń run ún láràárọ̀ kí ó tó lọ sílé ìwé, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù."

Àṣé àwa fúnra wa ló máa fa ìdákẹ́jẹ́ ti ilé yẹn. Bàbá mi ṣòfin pé kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ sọ Yorùbá nílé mọ́, Faransé nìkan, kí ọmọ lè tètè mọ̀ ọ́n. Faransé ti ọjà ni bàbá mi gbọ́, ti ìyá mi ò ju ìkíni lọ. Ṣé ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Oúnjẹ alẹ́ di ibi tí gbogbo wa ti ń wo àwo. Àbúrò mi tó máa ń ròyìn gbogbo ọjọ́ fún wa tẹ́lẹ̀ ò rí ọ̀rọ̀ tó máa fi sọ ọ́ mọ́.

Ẹ̀bi tèmi tún wà níbẹ̀. Èmi tètè gbọ́ Faransé díẹ̀, mo wá sọ ara mi di ẹnu àbúrò mi. Tí wọ́n bá bi í ní orúkọ rẹ̀, èmi ni mo máa dáhùn. Tó bá fẹ́ ra búrẹ́dì, èmi ni mo máa rà á. Mo rò pé mò ń ràn án lọ́wọ́ ni, àmọ́ mi ò jẹ́ kó rí ìdí kankan tó fi máa sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ kan ló dé tí kò fẹ́ lọ sílé ìwé mọ́, ó ní inú ń run òun. Mo bi í léèrè ní Yorùbá, bàbá ò sí nílé. Ó ní olùkọ́ pe nọ́ńbà kan, kí kálukú kọ ọ́ sórí síléètì kó sì gbé e sókè. 75 ni olùkọ́ pè. Ní Faransé, "ọgọ́ta-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún" ni wọ́n ń pe 75. Àbúrò mi gbọ́ ọgọ́ta, ó kọ 60. Ó gbọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó kọ 15 sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó gbé 6015 sókè, gbogbo kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín.

Mo jókòó tì í. Mo ní, "Kí ni ọgọ́rin?" Ó ní 80. Mo ní ogún mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, àwọn Faransé náà sì ń pè é ní "ogún mẹ́rin", kátírì-fẹ̀n. Ojú rẹ̀ là! Mo wá fi ibi tí ọ̀nà ti pínyà hàn án. Àwa máa ń yọ kúrò: àádọ́rin jẹ́ ọgọ́rin dín mẹ́wàá. Àwọn máa ń fi kún un: 70 jẹ́ ọgọ́ta àti mẹ́wàá, 90 jẹ́ ogún mẹ́rin àti mẹ́wàá. Yorùbá tí wọ́n lé jáde nílé ló ṣí ìlẹ̀kùn Faransé. Nígbà tí bàbá mi gbọ́, wọ́n fagi lé òfin wọn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ọ̀rẹ́ ló kù. Ìyá mi gbé ọpọ́n ayò wa síta, níwájú ilé. Àwọn Fọ̀n náà ń ta á, àjì ni wọ́n ń pè é. Ihò 12, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin, 48 lápapọ̀; kò sí ẹni tí a máa ṣàlàyé rẹ̀ fún. Ọmọ ilé kejì jókòó. Ẹyọ ọmọ kan ṣoṣo ni, kì í ṣe ogunlọ́gọ̀, ìyẹn ló sì dára. Èmi kúrò níbẹ̀, mo lọ fọ aṣọ. Láti ẹ̀yìn ilé ni mo ti gbọ́ ọ tó ń ka ọmọ ayò tó jẹ ní Faransé, lóhùn rara, nítorí ọmọ yẹn fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ.

Kí ọdún kan tó pé, ó ti ń bá wọn jà ní Fọ̀n. Àmọ́ kẹ́ ẹ má rò pé ó ti parí. Nígbà tá a máa fi padà sílé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àròkọ Faransé ṣì ń fún un láàmú. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Kánádà, Jim Cummins, ti ṣàlàyé rẹ̀ pé èdè eré máa ń gba bí ọdún méjì, àmọ́ èdè ìwé lè gba ọdún márùn-ún sí méje. Nítorí náà, ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ geere lórí pápá lè má lóye ìbéèrè ìdánwò, kì í sì í ṣe pé ó ya ọ̀lẹ.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọmọ tuntun wa. Mo wò ó lọ́jọ́ Mọ́ńdè: nígbà tí tíṣà ní kí wọ́n mú ìwé ìṣirò jáde, òun ló kọ́kọ́ mú tiẹ̀. Ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹ má sọ fún un pé kó sọ Hausa ká fi rẹ́rìn-ín, ẹ má sì máa bá a dáhùn. Ẹnì kan péré nínú yín, kó lọ jókòó tì í nígbà ìsinmi. Ọpọ́n ayò wà nínú yàrá ẹgbẹ́ wa, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.