Bí A Ṣe Ń Tú Yìnyín Lára Adìyẹ Ńlá Nílé Onífíríìjì Kékeré

Ní ìlú Àbíjàn ní ilẹ̀ Kodifuà, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni ó wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ṣòwò, pàápàá àwọn ará Èjìgbò, tí àwọn onílé ń pè ní Àǹàgó. Bí wọ́n bá ń sọmọ lórúkọ ní Àjàmé tàbí Abóbò, àlejò kì í mọ níwọ̀n, ẹran adìyẹ kò sì gbọdọ̀ wọ́n nínú ọbẹ̀. Adìyẹ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń rà ni èyí tí a ti pa, tí a ti họ́, tí a sì ti mú dì bí òkúta. Ó dára, ó sì ya ẹni, ṣùgbọ́n ìṣòro rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó bá dé ilé. Yàrá kan tàbí méjì ni ilé, fíríìjì inú rẹ̀ kò ga ju ìbàdí àgbà lọ, iná mànàmáná sì lè lọ nígbàkúgbà. Báwo ni a ó ṣe mú adìyẹ tí ó tó kílò mẹ́ta yọ́, tí kò fi ní di májèlé lọ́wọ́ ẹni tí ó ń se àsè?

Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a mọ bí yìnyín ṣe ń yọ́ lára ẹran. Láti ìta ni ó ti ń yọ́ wá sí inú. Bí iṣu tí a sun nínú iná ńlá ṣe máa ń jó lẹ́yìn nígbà tí inú rẹ̀ ṣì tutù, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni adìyẹ dídì tí a gbé sórí tábìlì: awọ rẹ̀ àti ìyẹ́ apá rẹ̀ á ti lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ nígbà tí egungun àyà rẹ̀ ṣì le gbagidi. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ń fa inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru wà lára adìyẹ tútù láti ibi tí a ti pa á. Yìnyín kì í pa wọ́n, ó kàn ń mú wọn sùn ni. Bí ara ẹran bá ti gbóná ju ìwọ̀n 5 lọ lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, wọn a jí, wọn a sì máa bí sí i títí ooru yóò fi tó ìwọ̀n 60. Ní Àbíjàn, atẹ́gùn inú ilé sábà máa ń wà láàárín ìwọ̀n 25 sí 32. Ooru tí ó tẹ́ wọn lọ́rùn gan-an nìyí.

Nítorí náà, àṣà gbígbé adìyẹ sílẹ̀ lórí tábìlì láti alẹ́ di òwúrọ̀ ni ó léwu jù lọ. Ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ yóò fọwọ́ kan àyà adìyẹ náà ní àárọ̀, yóò bá a ní tútù, yóò sì rò pé kò sí ohun tí ó ṣe é. Kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ àti apá rẹ̀ ti wà nínú ooru fún wákàtí mẹ́fà tàbí méje. Àwọn mìíràn a sọ pé àwọn yóò sè é jinná dáadáa, iná yóò sì pa ohunkóhun tí ó wà níbẹ̀. Òótọ́ ni pé iná ń pa kòkòrò, ṣùgbọ́n irú kòkòrò kan wà tí ó ń tu oró sílẹ̀ sínú ẹran, oró yìí kì í sì í kú bí omi tilẹ̀ ń hó lórí rẹ̀. Òórùn pẹ̀lú kì í ṣe ẹlẹ́rìí tí a lè gbára lé, nítorí pé kòkòrò tí ń mú ẹran rùn yàtọ̀ sí èyí tí ń mú ènìyàn ṣàìsàn. Ẹran lè máa run dáadáa kí ó sì ti bàjẹ́.

Ọ̀nà tí ó ní ìfọ̀kànbalẹ̀ jù ni kí adìyẹ yọ́ nínú fíríìjì, níbi tí ara rẹ̀ kò ti ní gbóná ju ìwọ̀n 5 lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà yìí ń fẹ́ sùúrù: ọjọ́ kan gbáko fún bí kílò méjì tàbí díẹ̀ lé. Adìyẹ kílò mẹ́ta yóò gbà tó ọjọ́ kan àbọ̀, nígbà mìíràn ọjọ́ méjì. A ó gbé e sínú abọ́ jíjìn ní ìsàlẹ̀ pátápátá, kí omi ara rẹ̀ má baà kán sórí ẹ̀fọ́ tàbí oúnjẹ tí a ti sè. Nínú fíríìjì kékeré, ó lè di dandan kí a yọ pẹpẹ kan kúrò kí ó tó wọlé, kí a sì kó ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò jáde, nítorí pé bí a bá há ohun gbogbo mọ́ ara wọn, òtútù kì í lè rìn yí wọn ká.

Bí iná bá lọ nígbà tí adìyẹ wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Ní ọdún 2021, nígbà tí omi fà nínú àwọn ìsédò tí ń fún ilẹ̀ náà ní iná, tí ẹ̀rọ ńlá kan tí ń fi gáàsì ṣiṣẹ́ sì bàjẹ́, ṣe ni wọ́n ń pín iná fún àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní Àbíjàn láti oṣù karùn-ún lọ. Fíríìjì tí a kò ṣí lè pa òtútù rẹ̀ mọ́ fún bí wákàtí mẹ́rin. Adìyẹ tí inú rẹ̀ ṣì dì tilẹ̀ ń ran fíríìjì lọ́wọ́, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ti di òkìtì yìnyín. Bí iná bá dé tí yìnyín ṣì ń dún kérékéré nínú ẹran náà nígbà tí a tẹ̀ ẹ́, kò sí ewu. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti rọ̀, tí ó sì ti wà láìtutù ju wákàtí méjì lọ, kí a dà á nù ni ó yẹ, bí ó tilẹ̀ dun owó.

Fún ẹni tí kò ní àyè nínú fíríìjì, tàbí tí kò fọkàn tán iná, omi tútù ni ọ̀nà àbáyọ. Omi ń gbé ooru wọ inú ohun kíákíá ju atẹ́gùn lọ. Olùkọ́ lè fi èyí han ọmọ ilé-ìwé: ìgò omi gbígbóná tí a rì sínú omi yìnyín yóò tutù ṣáájú èyí tí a gbé sínú fíríìjì. Bákan náà ni omi tí ó tutù gan-an yóò ṣe tú yìnyín lára adìyẹ ṣáájú atẹ́gùn fíríìjì, síbẹ̀ tí kò ní jẹ́ kí awọ rẹ̀ gbóná. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Àwọn tí ó kọ́kọ́ gbé ọ̀nà yìí kalẹ̀ ń gbé ní ilẹ̀ tí omi ẹ̀rọ ti ń tutù. Omi ẹ̀rọ Àbíjàn kì í tutù bẹ́ẹ̀. Ó sábà máa ń tó ìwọ̀n 26 tàbí 27. Bí a bá rọ adìyẹ sínú rẹ̀ tí a sì lọ sí ọjà, ohun tí a ṣe kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti orí tábìlì. Yìnyín ni a ní láti fi tọ́jú omi náà.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí obìnrin kan tí ó fẹ́ se ọbẹ̀ ìsọmọlórúkọ ní agogo 9 àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ṣe lè ṣe é. Adìyẹ rẹ̀ jẹ́ kílò mẹ́ta. Ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó fi í sílẹ̀ nínú fírísà aládùúgbò, ó sì ra omi dídì inú ọ̀rá méjìlá lọ́wọ́ àwọn tí ń ta omi tútù, ìdajì lítà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kó wọn sínú kúlà. Ní agogo 4 ìdájí, ó fi ọ̀rá mìíràn tí kò lu wé adìyẹ náà, ó tẹ atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde, ó sì so ó pinpin, nítorí pé bí omi bá wọlé, ẹran á mu omi, omi korobá á sì kún fún kòkòrò. Ó bu omi lítà 15 sínú korobá, ó kó ọ̀rá yìnyín mẹ́fà sí i, ó ri adìyẹ náà, ó sì fi àwo àti òkúta tí ó mọ́ tẹ̀ ẹ́ kí ó má léfòó. Yìnyín mẹ́fà yìí nìkan lè mú omi náà sọ̀ kalẹ̀ sí bí ìwọ̀n 10, òtútù ara adìyẹ yóò sì fà á sílẹ̀ sí i.

Láti ìgbà náà, ní gbogbo ìdajì wákàtí, ó ń yí adìyẹ padà, ó sì ń ki ọwọ́ bọ omi. Omi náà gbọ́dọ̀ tutù tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ kì yóò fi lè pẹ́ nínú rẹ̀. Bí ọwọ́ bá ti lè fara dà á, ó da díẹ̀ nù, ó sì fi yìnyín kan tàbí méjì kún un. Òpin iṣẹ́ náà ni ó ń gba yìnyín jù, kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ní ìbẹ̀rẹ̀ adìyẹ fúnra rẹ̀ ń mú omi tutù, ṣùgbọ́n bí ó ti ń yọ́ ni agbára yẹn ń tán.

Nígbà tí ó fi máa di agogo 7, itan rẹ̀ ti ń ṣẹ́po, apá rẹ̀ sì ti ń nà. Kò dúró de gbogbo rẹ̀. Ó tú ọ̀rá, ó gé itan àti apá, ó kó wọn sínú abọ́ tí ó gbé sórí yìnyín nínú kúlà. Ó ki ọwọ́ bọ inú adìyẹ, ó fa ẹ̀dọ̀ àti iwe tí a máa ń dì sínú ọ̀rá kékeré níbẹ̀ jáde, nítorí pé ibẹ̀ ni yìnyín ń pẹ́ sí jù. Ó tún àyà àti ẹ̀yìn rẹ̀ wé sínú ọ̀rá mímọ́, ó sì dá wọn padà sínú omi. Ní nǹkan bí agogo 9, ìka kò bá ohun líle mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun. Ẹran tí a fi omi tú yìnyín rẹ̀ báyìí kì í padà sínú fírísà ní tútù. Inú ìkòkò ni ó ń lọ tààrà. Kò fọ ẹran náà lábẹ́ ẹ̀rọ omi, kí omi rẹ̀ má baà ta sára àwo àti ata, ó sì fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ korobá, ọ̀bẹ àti pátákó kí ó tó fi wọ́n kan ohun mìíràn.

Bí àkókò bá kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ, a lè gbé ẹran tí ó ṣì ní yìnyín díẹ̀ ká iná, bí ó bá ti wà ní gígé. Yóò kàn pẹ́ ju ti ìgbà gbogbo lọ, ó lè fi ìdajì àkókò lé e. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe sọ odidi adìyẹ dídì sínú ìkòkò ọbẹ̀, nítorí pé ìta rẹ̀ á ti fọ́ kí oríkèé itan tó jinná. Ibi oríkèé yẹn ni a ti ń dán ẹran wò: kí ooru ibẹ̀ tó ìwọ̀n 74 bí a bá ní òṣùwọ̀n. Bí a kò bá ní in, kí ẹran máa já kúrò lára egungun, kí omi tí ń jáde níbẹ̀ sì mọ́ láìsí ẹ̀jẹ̀.

Ọ̀nà kan sì wà tí ó tún rọrùn ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ, ọjà ni a ti ń ṣe é. Kí a ní kí ẹni tí ó ń ta adìyẹ náà là á sí mẹ́rin nígbà tí ó ṣì le. Ìdá mẹ́rin adìyẹ kílò mẹ́ta kò tó kílò kan. Yóò wọ inú fíríìjì kékeré, yóò sì yọ́ níbẹ̀ ní òru kan. Bí iná bá sì lọ, wákàtí kan àbọ̀ tàbí méjì nínú omi yìnyín ni yóò gbà. Nígbà náà, yìnyín ọ̀rá mẹ́rin tó, oorun ìdájí ìyálé kò sì ní bàjẹ́.