Béèsì Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Pè

Irọ́ ni mo kọ́kọ́ pa. Nígbà tí àwọn ọmọ bàbá akéwì bi mí ohun tó ṣe sídì wọn, mo ní sípíkà gbọ̀ngàn ni kò dára. Sípíkà náà dára, máìkì mi náà kò sì bàjẹ́. Èmi ni mo gbé ẹnu bàbá lé máìkì tí kò yẹ kí ènìyàn sún mọ́ tó bẹ́ẹ̀, tí mo sì fi kọ̀mpúrẹ́sọ̀ dí ọ̀nà àtúnṣe mọ́ ara mi.

Oríkì ìdílé ni wọ́n fẹ́ gbà sílẹ̀, kí wọ́n pín in níbi ìwúyè. Bàbá yóò máa ké, ẹlẹ́gbè rẹ̀ yóò máa gbè é, onígángan yóò máa tẹ̀ lé wọn. Mo dá a lábàá pé kí n gba ohùn ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, bàbá ní òun kì í ké ewì fún ògiri. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní láti wà nínú yàrá kan náà, kí wọ́n máa rí ojú ara wọn. Ohun tó gbé mi dé ìdí máìkì onírísí 8 nìyẹn.

Máìkì kì í gbọ́ ohùn ibi gbogbo bákan náà. Ìwé tó ń bá a wá máa ń ya àwòrán róbótó kan tó ń fi hàn bó ṣe ń gbọ́ iwájú, ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn. Èyí tó ń gbọ́ gbogbo àyíká dọ́gba ni a ń pè ní ómínì. Èyí tí à ń pè ní kádíọ́ìdì, àwòrán rẹ̀ jọ ọkàn tí wọ́n ń yà sára káàdì olólùfẹ́: iwájú ló ń gbọ́ jù, ohùn ẹ̀gbẹ́ ti fi dẹ̀síbẹ́lì 6 lọ sílẹ̀, ti ẹ̀yìn gan-an kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé etí rẹ̀. SM58 tí ẹ máa ń rí lọ́wọ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lóde àríyá, kádíọ́ìdì ni. Onírísí 8 ní tirẹ̀ ń gbọ́ iwájú àti ẹ̀yìn bákan náà, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló dití sí. Mo fi bàbá síwájú, mo fi ẹlẹ́gbè sẹ́yìn, mo wá fi onígángan sí ẹ̀gbẹ́ tó dití, kí ìlù má baà bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Títí di òní, mi ò rí àbùkù kankan nínú ètò yẹn.

Ibi tí àbùkù wà ni bí a ṣe jìnnà sí máìkì tó. Yàrá mi ń dún, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sì ń wọlé láti ojú fèrèsé. Dípò kí n wá nǹkan dí fèrèsé, mo ní kí bàbá àti ẹlẹ́gbè sún mọ́ máìkì dáadáa. Wọ́n sún títí tó fi ku ìbú ìka mẹ́ta láàárín ẹnu wọn àti irin. Nígbà tí bàbá dánu, ohùn rẹ̀ jáde bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú kànga, ó nípọn, ó wúwo, ó dùn mọ́ mi. Mo rò pé ohùn àgbà ló ń dún bẹ́ẹ̀. Béèsì tí máìkì ń ṣe fúnra rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣe é, nítorí mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún lo máìkì kí n tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀já aluminíọ̀mù tín-ín-rín kan ló ń gbọ̀n nínú máìkì tí mo lò. Iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Kì í ṣe agbára ohùn ni ọ̀já yìí ń wọ̀n, ìyàtọ̀ tó wà láàárín agbára tó kan iwájú rẹ̀ àti èyí tó kan ẹ̀yìn rẹ̀ ni. Ohùn tó bá ti ẹ̀gbẹ́ wá kan ojú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ìyàtọ̀ kankan, ọ̀já kò ní mì. Ìdí tí ẹ̀gbẹ́ fi dití nìyẹn. Ohùn tó bá ti iwájú wá ní láti rìn yí irin ká kó tó dé ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ ká fi ìrìn yẹn sí sẹ̀ǹtímítà 3.

Orísun méjì ni ìyàtọ̀ náà ní. Àkọ́kọ́ ni pé ohùn pẹ́ díẹ̀ kó tó dé ẹ̀yìn. Ìgbì ohùn tó ń gbọ̀n ní ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan gùn tó nǹkan bíi mítà mẹ́ta àbọ̀. Kí ni sẹ̀ǹtímítà 3 jẹ́ lára rẹ̀? Ìyàtọ̀ tó ń mú wá kò ju bí ìdá kan nínú 18 lọ. Ohùn tó ń gbọ̀n ní ìgbà 1,000, ìgbì tirẹ̀ kúrú ní ìlọ́po mẹ́wàá, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì pọ̀ ní bí ìlọ́po mẹ́wàá. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, a ò ní gbọ́ béèsì rárá. Àwọn tó ń ṣe máìkì wá dẹ ọ̀já náà, tó fi jẹ́ pé bí ohùn bá ṣe nípọn tó ni yóò ṣe máa mì ín jìnnà tó. Wọ́n fi ìyẹn dá ohun tí béèsì pàdánù padà.

Orísun kejì ni ọ̀nà jíjìn fúnra rẹ̀, torí ohùn máa ń rẹ̀ bó bá ṣe ń jìnnà sí ẹnu. Bí bàbá bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 60 sí iwájú ọ̀já, 63 ló jẹ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ìyàtọ̀ náà kò ju ìdá kan nínú 21 lọ. Ṣùgbọ́n bó bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 5, ẹ̀yìn di 8, ìyàtọ̀ wá di ìdá 3 nínú 8. Ìyàtọ̀ èyí kò mọ ohùn tó nípọn yàtọ̀ sí èyí tó tín-ín-rín, iye kan náà ló ń fún gbogbo wọn. Ọ̀já tí wọ́n ti dẹ̀ nítorí béèsì kò sì mọ̀ pé béèsì kò pàdánù nǹkan kan lọ́tẹ̀ yìí, ó tún gbé e sókè. Ẹ fi ìdá 3 nínú 8 wé ìdá kan nínú 18: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méje, ìyẹn ju dẹ̀síbẹ́lì 16 lọ. Ohùn tó wà ní 1,000 kò rí ju dẹ̀síbẹ́lì kan tàbí méjì gbà.

Ómínì kò ní wàhálà yìí, nítorí ẹ̀yìn awọ inú rẹ̀ dí pa. Kádíọ́ìdì jẹ́ ìdajì ómínì àti ìdajì onírísí 8, ìdí nìyẹn tí béèsì tirẹ̀ náà fi ń wú béèyàn bá sún mọ́ ọn, àmọ́ ó fi bíi dẹ̀síbẹ́lì 6 kéré sí ti onírísí 8. Ihò tí ohùn ń gbà wọ ẹ̀yìn rẹ̀ wà lábẹ́ orí róbótó yẹn. Ẹ̀yin akọrin tí ẹ máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ bo orí máìkì, ihò yẹn lẹ ń dí, ẹ ti sọ kádíọ́ìdì di ohun tó ń gbọ́ sípíkà lẹ́yìn, ẹ̀yin náà lẹ tún máa ń bínú sí mi pé ó ń hu.

Ká ní béèsì nìkan ni, mo lè fi íkúù gé e lẹ́yìn ìgbà tí a bá ṣe tán. Ṣùgbọ́n mo ti fi kọ̀mpúrẹ́sọ̀ sójú ọ̀nà kí ohùn tó dé orí kọ̀ǹpútà, mo yí i sí mẹ́rin sí ọ̀kan. Ìtumọ̀ ìyẹn ni pé bí ohùn bá fi dẹ̀síbẹ́lì 12 kọjá ààlà tí mo fún un, 3 péré ni yóò jẹ́ kó kọjá, yóò gé 9 yòókù. Bí bàbá bá ti ké sílébù olóhùn ìsàlẹ̀, béèsì rẹ̀ á wú, á sì ti kọ̀mpúrẹ́sọ̀ lulẹ̀. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ kì í gé béèsì nìkan, gbogbo ohùn ló ń fà wálẹ̀, mo sì ti jẹ́ kó máa tú sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó fi tó bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Láàárín ìgbà yẹn, bàbá ti ké sílébù méjì tàbí mẹ́ta, gbogbo wọn á rì. Nínú èdè wa, níbi tí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ti ń pín ọ̀rọ̀ níyà, ọ̀rọ̀ oríkì ni mo ń gé jẹ bẹ́ẹ̀, orúkọ ẹni ń sọnù ní gbogbo ibi tí ohùn bá ti wálẹ̀.

Kí ló dé tí mi ò gbọ́ ọ? Sípíkà kékeré ló wà ní sítúdíò mi, wọn kì í gbé ohùn tó wà nísàlẹ̀ 100 jáde dáadáa. Ọ̀rọ̀ tó ń rì náà, mo ti gbọ́ ewì yẹn títí ó ti wọ̀ mí lára, etí mi ń dá ohun tó sọnù padà fúnra rẹ̀. Mo fọwọ́ sí i, wọ́n tẹ 1,000 sídì. Nígbà tí wọ́n fi í sí sípíkà ńlá ní gbọ̀ngàn, ó ń hó gùù bí ọkọ̀ akẹ́rù, àwọn àgbàlagbà tó ń retí orúkọ bàbá wọn kò gbọ́ nǹkan kan.

Mo gbé e padà sílé, mo fi íkúù gé béèsì. Níbi tí bàbá ti sún mọ́ máìkì, ó dára. Níbi tó ti fi orí sẹ́yìn kó lè mí, tí béèsì kò pọ̀ tẹ́lẹ̀, ohùn rẹ̀ di tín-ín-rín bíi ti ọmọdé. Bó ṣe ń mi orí ni béèsì ń yí padà, kò sí bọ́tìnnì kan tó lè tẹ̀ lé orí bàbá. Sílébù tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ti gé kò sì padà wá.

Èmi ni mo san owó sídì tuntun. Nígbà tí a tún un gbà, ẹlẹ́gbè àkọ́kọ́ ti rìnrìn àjò, ẹlòmíràn ló gbè é, ohùn bàbá kò sì ta bíi ti ìgbà kìíní. Máìkì kan náà ni mo lò. Mo so àwọn bùláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn mọ́ fèrèsé àti ògiri, mo fi ẹnì kọ̀ọ̀kan sí nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 60, mo yọ kọ̀mpúrẹ́sọ̀ kúrò. Níbi tí wọ́n dúró sí yẹn, béèsì tó ń wú kò ju dẹ̀síbẹ́lì 3 lọ, ó sì dùn.

Nínú ìwádìí mi lẹ́yìn náà ni mo rí i pé RCA 77-DX, máìkì ọlọ́já àtijọ́ ti àwọn ará Amẹ́ríkà, ní ìdarí kan nísàlẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n kọ M, V1 àti V2 sí. M wà fún orin, àwọn V wà fún ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ sún mọ́ ọn, wọ́n á gé béèsì. Wọ́n ti mọ ọ̀rọ̀ yìí kí wọ́n tó bí mi.

Ẹ̀yin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ yìí, kí ẹ tó gba ohùn ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ẹ ní kó sọ gbólóhùn kan náà ní sẹ̀ǹtímítà 5, 15 àti 30, kí ẹ fi fóònù etí gbọ́ ọ. Bó bá jẹ́ dandan kó sún mọ́ ọn, ẹ lo ómínì, tàbí kí ẹ gé béèsì kí ohùn tó dé kọ̀mpúrẹ́sọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gé e lẹ́yìn rẹ̀.