Ìwé Awò Ojú Télọ̀ Kan ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ìwé náà kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, ẹni àádọ́ta ọdún, télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ọjà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Dókítà ojú ló kọ ọ́ fún un pé kó fi lọ ṣe awò. Orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò wà lókè, ìfọwọ́sí dókítà wà nísàlẹ̀, àárín méjèèjì ni wọ́n to àwọn nọ́ńbà sí báyìí:

```
      SPH     CYL     AXIS
OD   -1.50   -1.25     10
OS   -2.00
ADD  +1.75
```

OD ni ojú ọ̀tún, OS ni ojú òsì. Ọ̀tún ẹni tó ni ojú ni o, kì í ṣe ọ̀tún ẹni tó kọjú sí i. Ibòmíràn máa ń kọ R àti L dípò wọn. SPH ni sífíà, CYL ni sílíńdà, AXIS ni áásìsì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé nọ́ńbà tó bá tóbi jù ló ń sọ ibi tí ojú ti bàjẹ́ jù, wọ́n á wá máa bẹ̀rù 10 tó wà lábẹ́ AXIS. Nọ́ńbà yẹn kò ní agbára kankan nínú. Síbẹ̀, òun ló kó ẹ̀gbọ́n mi sí wàhálà.

Ẹ jẹ́ kí n ti ojú òsì bẹ̀rẹ̀, nítorí pé nọ́ńbà kan ṣoṣo ló ní. Sífíà ni agbára tí jígí ní yíká, bákan náà ní gbogbo ìhà. Àmì ìyọkúrò tó wà níwájú 2.00 ń sọ pé ojú yìí kì í rí ọ̀ọ́kán dáadáa. Dáyọ́ptà ni wọ́n fi ń wọn agbára náà. Dókítà ojú ará Faransé kan, Ferdinand Monoyer, ló dá a lábàá ní ọdún 1872, ìṣirò rẹ̀ kò sì le: ẹ fi nọ́ńbà náà pín 1, ohun tó bá jáde ni iye mítà. 1 tí a fi 2 pín jẹ́ ìdajì mítà, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 50. Ibẹ̀ ni ojú òsì ẹ̀gbọ́n mi ń rí nǹkan kedere dé láìlo awò. Ohun tó bá ti kọjá ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú nìyẹn. Ká ní -4.00 ni, sẹ̀ǹtímítà 25 ni ì bá mọ.

Nígbà tí mo ṣe ìṣirò yìí tán ni ìwà rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wá yé mi. Bó bá fẹ́ ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ṣe ló máa ń ṣí awò kúrò lójú, á sì di ojú ọ̀tún, nítorí pé ibi tí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà kò tó ìdajì mítà sí i. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ojúde Ọba, lọ́jọ́ kẹta Iléyá, bí àwọn ẹgbẹ́ régbérégbé bá ń kọjá, ó lè sọ àwọ̀ aṣọ tí wọ́n wọ̀ láti òkèèrè, kò sì ní mọ ẹni tó jókòó lórí ẹṣin. Àmì ìròpọ̀ ní tirẹ̀, bó bá wà lábẹ́ SPH, ojú tó ní láti ṣe wàhálà kó tó rí nǹkan kedere, pàápàá ohun tó súnmọ́ ọn, ló wà fún. Àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí kì í sábà rìn ju ìdá mẹ́rin-mẹ́rin lọ: 1.00, 1.25, 1.50, 1.75. Bí ẹ bá rí 1.30 tàbí 150 tí kò ní ojúàmì láàárín, ẹ dá ìwé náà padà kí wọ́n tún un kọ.

Ojú ọ̀tún ni ọ̀rọ̀ wà. Òun ló ní CYL, bí CYL bá sì ti wà, AXIS gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá fẹ́ rí ohun tí àwọn méjèèjì jọ ń ṣe, ẹ wá ìgò tó mọ́ gaara, tó rí roboto, tí kò ní ọ̀nà lára. Ẹ rọ omi kún un, ẹ dé e, kí ẹ sì dà á dùbúlẹ̀ sórí ìwé ìròyìn. Lẹ́tà tó wà lábẹ́ rẹ̀ á fẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo ló máa gbà fẹ̀: á fẹ̀ ní ìbú ìgò, kò ní fẹ̀ ní òòró rẹ̀, torí pé ìbú nìkan ni ara ìgò ti tẹ̀, òòró rẹ̀ gún gbọọrọ. Ẹ wá yí ìgò náà díẹ̀díẹ̀ lórí ìwé. Ìgò kan náà ni, omi kan náà ni, ṣùgbọ́n lẹ́tà ń gba ibòmíràn fẹ̀. Bí ó ṣe ń fẹ̀ tó ni CYL. Ìhà tí òòró ìgò kọjú sí ni AXIS.

Ìdí tí ojú kan fi nílò irú jígí bẹ́ẹ̀ ni pé awẹ́ mímọ́ gaara tó bo iwájú ẹyinjú kò tẹ̀ dọ́gba yíká. Ó tẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ní ìhà kan, ó sì rọra tẹ̀ ní ìhà kejì. George Airy, onímọ̀ ìràwọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní irú ojú yìí, ó ṣírò ohun tí ojú òsì rẹ̀ nílò fúnra rẹ̀, ó sì ní kí oníṣẹ́ jígí kan ní ìlú Ipswich gbẹ́ ẹ fún òun. Ní nǹkan bí ọdún 1825 ni.

Bí a ṣe ń ka AXIS: ẹ kọjú sí ẹni tó wọ awò, kí ẹ sì fojú inú wo ìlà tó dábùú jígí kọ̀ọ̀kan. Láti ọwọ́ ọ̀tún yín ni kíkà ti bẹ̀rẹ̀, á gba òkè, níbi tí 90 wà, á sì sọ̀kalẹ̀ sí 180 lọ́wọ́ òsì yín. Ojú méjèèjì la ń kà bẹ́ẹ̀. Ìlà kan náà ni 0 àti 180, nítorí náà 180 ni wọ́n máa ń kọ. Ìdí nìyí tí ẹni tí ìwé rẹ̀ ti 175 di 5 kò fi ní ohun tí yóò kó o láyà sókè: digírì 10 péré ni ìlà rẹ̀ fi yẹ̀.

Ó ti wá ṣeé ṣe láti ka ojú ọ̀tún ẹ̀gbọ́n mi. Ní ìhà 10, ìyẹn ìlà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀ pátápátá, sílíńdà kò ṣe nǹkan kan, -1.50 nìkan ló wà níbẹ̀. Ní ìhà kejì tó dá a kọjá, ìyẹn 100, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ṣánṣán, sílíńdà bọ́ sí i lórí: -1.50 àti -1.25, ó di -2.75.

Nígbà tí awò dé, ojú òsì rí ohun gbogbo. Ojú ọ̀tún kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lára pátákó tó wà lódìkejì títì ní òjìji lẹ́yìn, orí sì ń fọ́ ọn bó bá di ọ̀sán. Àwọn tó ṣe awò ní kó máa lò ó, pé ó máa mọ́ ọn lára. Lóòótọ́, sílíńdà tuntun lè mú kí ilẹ̀ dà bí ẹni pé ó dagun lójú ẹni fún ọjọ́ mélòó kan, ó sì máa ń lọ. Ṣùgbọ́n ojú kan ṣoṣo ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó sì ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ní kó mú káàdì tí wọ́n fi awò náà ránṣẹ́ wá. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ fún ojú ọ̀tún ni:

```
-1.50   -1.25   100
```

A kò lè torí 100 nìkan sọ pé wọ́n ṣì í. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà kọ jígí kan náà, torí pé àwọn kan máa ń fi àmì ìyọkúrò kọ sílíńdà, àwọn mìíràn a sì fi ti ìròpọ̀ kọ ọ́. Láti bọ́ sí èkejì, ẹ ó ro SPH àti CYL pọ̀, ìyẹn ló di SPH tuntun. Ẹ ó yí àmì CYL padà. Ẹ ó sì yí AXIS pẹ̀lú digírì 90. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí ti ẹ̀gbọ́n mi, ohun tó máa jáde nìyí:

```
-2.75   +1.25   100
```

Èyí àti ti dókítà, jígí kan náà ni wọ́n. Káàdì ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? AXIS nìkan ló yí padà. SPH ṣì jẹ́ -1.50, àmì ìyọkúrò ṣì wà níwájú CYL. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé àṣìṣe ni.

Jígí fúnra rẹ̀ náà jẹ́rìí sí i. Mo gbé awò náà síwájú níbi tí ọwọ́ mi gùn dé, mo di ojú kan, mo sì gba inú jígí ọ̀tún wo kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri ọ̀ọ́kán. Bí èèyàn bá ń mi jígí onámì ìyọkúrò, ohun tó wà nínú rẹ̀ á máa bá a lọ sí ibi tí jígí ń lọ. Ti ìròpọ̀ á máa lọ sódìkejì. Ibi tí agbára bá ti pọ̀ jù ni ìrìn náà á ti yá jù. Bó bá jẹ́ pé wọ́n gé jígí yìí bí dókítà ṣe kọ ọ́, bí mo bá mì ín lọ sókè sódò ni kàlẹ́ńdà ì bá yára jù, torí ibẹ̀ ni -2.75 wà. Ìgbà tí mo mì ín sọ́tùn-ún sósì ló yára jù.

Mo fura sí ibi tí àṣìṣe ti wọlé. Ẹni tó ń da ìwé dókítà kọ sórí ìwé ìṣẹ́ tirẹ̀ fi òdo kékeré ti digírì sí ẹ̀gbẹ́ 10. Ẹni tó ń gé jígí sì ka òdo náà mọ́ nọ́ńbà. Nítorí èyí ni dókítà ojú kì í fi í kọ àmì digírì sí AXIS. Yíyẹ̀ tí ìlà bá yẹ̀ kì í sì í ṣe nǹkan kékeré. Bó bá fi digírì 5 yẹ̀, bí ìdá mẹ́fà sílíńdà ló ṣẹ́kù tí kò rí àtúnṣe. Bó bá fi 30 yẹ̀, ohun tó ṣẹ́kù tó gbogbo sílíńdà náà, àfi bí ẹni pé wọn kò fi sí i rárá. Bó bá fi 90 yẹ̀, bíi ti ẹ̀gbọ́n mi, ó di ìlọ́po méjì: 1.25 tí wọ́n fẹ́ tún ṣe di 2.50. Ẹni tí CYL rẹ̀ jẹ́ 0.25 lè má mọ̀ bí ìlà bá yẹ̀ díẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 3.00, kíá ló máa mọ̀.

ADD kò ní wàhálà. Àfikún tí ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún máa ń nílò láti kàwé ni, SPH nìkan ni wọ́n sì ń rò ó mọ́: -2.00 àti +1.75 jẹ́ -0.25 fún ojú òsì; -1.50 àti +1.75 jẹ́ +0.25 fún ojú ọ̀tún. CYL àti AXIS dúró bí wọ́n ṣe wà. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun kò fẹ́ ẹ, nígbà tó ṣe pé bí òun bá ṣí awò, òun ń rí abẹ́rẹ́.

Wọ́n tún jígí ọ̀tún gé láìgba owó, nígbà tí a gbé ìwé dókítà àti káàdì wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níwájú wọn. Lórí káàdì tuntun, òǹkà mẹ́ta ni mo ní kí wọ́n kọ sábẹ́ AXIS: 010.