Àtẹ̀jíṣẹ́ tí mo kọ sí awo tí ìyá rẹ̀ wàjà



Ní Mọ́níyà ni mo wà nígbà tí wọ́n pè mí pé ìyá awo ẹlẹgbẹ́ mi kan ní Lálúpọn ti lọ. Ilẹ̀ ti ṣú, kò sọ́kọ̀ mọ́, ni mo bá ní kí n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ṣáájú ẹsẹ̀ mi.

Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ gùn bí oríkì. Mo bèèrè ohun tó pa wọ́n, mo bèèrè ọjọ́ ìsìnkú, mo sì fi kún un pé ikú àgbà ni, kí wọ́n má sunkún. Ibẹ̀ ni mo ti dúró. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, irú ọ̀rọ̀ yẹn ni mo sọ fún awo mìíràn. Ó ní, "Bàbá Awo, ṣé ìyá tó ti darúgbó kì í ṣe ìyá ni?" Ojú tì mí gan-an. Kò bá mi jà, àmọ́ ó tó oṣù mẹ́ta kó tó tún wá bá mi jókòó nídìí Ifá.

Mo pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Ìbéèrè ń fẹ́ èsì, ẹni tí òkú ń bẹ nílé ẹ̀ kò ráyè èsì. "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè" náà kò tíì tọ́, ẹ̀yìn ìsìnkú là ń kí ìyẹn. Ọmọ-ọmọ mi tún sọ fún mi pé tí a bá fi àmì sọ́rọ̀ Yorùbá, lẹ́tà 70 péré ni ojú ìwé àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń gbà, dípò 160. Mi ò yọ àmì kúrò o! Ọ̀rọ̀ ni mo dín.

Àwọn baba wa kúkú ti mọ èyí: owó ẹyọ mẹ́fà ni wọ́n máa ń fi pàrokò pé ọkàn mi fà sí ọ. Ẹ̀fà ń jẹ́ fà, ó parí.

Ohun tí mo fi ránṣẹ́ nìyí: "Awo, ẹ kú ará fẹ́ra kù ìyá. Gbẹ̀gìrì tí wọ́n bù fún mi lọ́jọ́ tí ẹ tẹfá, ẹnu mi ò gbàgbé ẹ̀. Kí Ifá dá baba sí fún yín. Mò ń bọ̀ lọ́la."

Gbẹ̀gìrì yẹn ni mo rò jù. Àdúrà, gbogbo èèyàn ló máa ṣe é. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyá yẹn lórí ìkòkò, ta ló tún rí i lọ́jọ́ náà? Mo dárúkọ baba nítorí wọ́n ṣì wà láyé, àwọn ni ilé á sì ṣófo fún jù.

Nígbà tí mo dé Lálúpọn lọ́jọ́ kejì, awo mú mi wọ iyàrá lọ kí baba. Ó ti ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà sí wọn létí ní òru. Baba dì mí lọ́wọ́ mú, wọ́n ní, "Ìwọ lo rántí gbẹ̀gìrì." Wọ́n yíjú sí ọmọ wọn, wọ́n ní kó tún un kà.